Lẹ́tà ìjẹ́rìí lọ́wọ́ ọ̀gá láàbù tí ẹ ti fi sílẹ̀

Ìbéèrè: “Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Òkè-Fìà, Òṣogbo níbí, láti 2019 sí 2022. Mo fẹ́ lọ kàwé Másítàsì lórí ìmọ̀ kòkòrò àrùn ní ìlú Ọba, wọ́n sì ní kí n mú ọ̀gá ibi iṣẹ́ kan wá tó máa jẹ́rìí sí mi. Ọ̀gá mi obìnrin ìgbà yẹn ṣèèyàn gan-an, ṣùgbọ́n a ò ti sọ̀rọ̀ láti bí ọdún mẹ́ta. Kí ni màá kọ sí wọn tí kò fi ní dà bíi pé ìgbà tí mo nílò wọn ni mo rántí wọn? 30 oṣù kẹfà ni wọ́n máa ti fọ́ọ̀mù. Oṣù karùn-ún la wà yìí.”

Ìdáhùn: Ìtìjú tó ń dà yín láàmú yẹn, gbólóhùn kan péré ló máa gbà nínú ọ̀rọ̀ yín. Kì í ṣe òun ló ń mú kí ọ̀gá fi irú ẹ̀bẹ̀ yìí sílẹ̀ láìdáhùn. Ohun tó ń fà á ni iṣẹ́ tó fara pamọ́ sínú ẹ̀bẹ̀ náà. Bí ẹ bá kọ̀wé pé “Ẹ jọ̀ọ́ Mà, mo fẹ́ kí ẹ bá mi kọ rẹ́fúrẹ́ǹsì,” ẹ wo ohun tí ẹ gbé lé wọn lórí: kí wọ́n rántí ọdún tí ẹ dé àti ọdún tí ẹ lọ, kí wọ́n rántí ohun tí ẹ ń ṣe gan-an, kí wọ́n bi yín pé ẹ̀kọ́ wo ni, ibo ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí, ìgbà wo ló gbọ́dọ̀ dé, kí ló sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá láàbù tí èèyàn mẹ́wàá ń dúró dè fún èsì láàárọ̀ ò ní jókòó ro gbogbo ìyẹn. Á ka ọ̀rọ̀ yín, á sọ nínú ara rẹ̀ pé “màá dá a lóhùn lálẹ́,” alẹ́ á sì dọ̀la. Nítorí náà, ẹ fúnra yín ni kí ẹ ṣe gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyẹn tán kí ẹ tó tẹ ọ̀rọ̀ kankan ránṣẹ́, débi pé ohun méjì péré ni yóò kù fún wọn: láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, àti láti kọ ohun tí wọ́n rí.

Ẹ kọ́kọ́ wá déètì. Ẹ yọ lẹ́tà tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́ jáde. Bí ẹ ò bá rí i mọ́, ẹ wo báǹkì yín fún oṣù tí owó oṣù àkọ́kọ́ wọlé àti oṣù tí èyí tó kẹ́yìn wọlé. Déètì yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ti rí lójú lọ, torí pé ohun tí ẹ kọ sínú síífíì yín, ohun tí ẹ kọ sí fọ́ọ̀mù yunifásítì, àti ohun tí ọ̀gá yín máa kọ, ẹnì kan náà ni yóò kà wọ́n papọ̀. Bí ẹ bá ní oṣù kẹta 2019, tí ọ̀gá yín fi àbá kọ “2020,” ẹ̀yin ni wọn yóò máa wò bí ẹni tó parọ́, kì í ṣe ìyá tó gbàgbé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tí ọ̀gá yín fi ojú ara wọn rí. Ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, torí ìyìn ni wọ́n máa ń kọ sílẹ̀ fún ọ̀gá: pé àwọn jẹ́ olóòótọ́, pé àwọn tètè ń dé ibi iṣẹ́, pé àwọn mọ bí a ti ń bá èèyàn ṣe. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ò ran ọ̀gá yín lọ́wọ́ rárá. Bí wọ́n bá kọ ọ́, yóò dà bí lẹ́tà gbogbo èèyàn, ẹni tó ń kà á ní ìlú Ọba yóò sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìṣẹ̀lẹ̀ ni kí ẹ kọ, kí ìyìn wá ti ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, kí ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀. Ká ní ẹ̀yin lẹ ń bójú tó fíríìjì tí wọ́n ń kó oògùn àyẹ̀wò sí. Gbogbo ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ láàbù rí mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn gbọ́dọ̀ wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí tẹmọ́mítà, tí a sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí ẹ bá kọ pé “mo ń tọ́jú fíríìjì,” kò sí ohun tí ọ̀gá lè fi ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ ọ́ báyìí: “Lọ́dún 2021, iná lọ mọ́jú, mo bá fíríìjì ní ìwọ̀n 12 láàárọ̀. Mo kó àwọn oògùn náà sápá kan, mo lẹ ìwé mọ́ wọn pé kí ẹnikẹ́ni má lò wọ́n, mo sì pè yín kí a tó gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn àkọ́kọ́,” ọ̀gá yín á rántí òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Òun ni ẹ pè, òun ló sì sọ ohun tí ẹ máa ṣe. Ó lè wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé èèyàn yìí kì í fi èsì tí kò dá a lójú ránṣẹ́. Ohun tí yunifásítì ń wá gan-an nìyẹn lára ẹni tó fẹ́ wá kọ́ ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò àrùn.

Iṣẹ́ kejì lè jẹ́ àwọn ọmọ ilé ìwé tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín: iye tí ẹ kọ́, àti ohun tí ẹ kọ́ wọn, bóyá bí a ti ń tẹ́ ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì lọ́nà méjèèjì, èyí tó nípọn àti èyí tó fẹ́lẹ́, kí a tó fi oògùn Gímúsà pa á láró láti wá kòkòrò ibà. Méjì ti tó. Bí ẹ bá kó mẹ́fà jọ, ọ̀gá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà nínú wọn, iṣẹ́ tuntun sì nìyẹn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí ẹ máa fi bẹ̀ wọ́n. Lórí wásáàpù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ní Yorùbá, torí bí ẹ̀yin méjèèjì ṣe ń bá ara yín sọ̀rọ̀ nìyẹn. Òyìnbó tó le kankan nínú ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ á dà bíi pé ẹ da ọ̀rọ̀ kan náà kọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ má fi “Ẹ káàárọ̀ Mà” ránṣẹ́ nìkan kí ẹ wá máa retí ìdáhùn. Àgbà tó bá rí “Ẹ káàárọ̀ Mà” láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ti pẹ́ tó ti gbúròó kẹ́yìn ti mọ̀ pé ohun kan ń bọ̀, ó sì lè má dáhùn títí ẹ ó fi sọ ọ́. Ìkíni àti ẹ̀bẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹ wo bó ṣe lè rí:

> Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Mà. Èmi (orúkọ tí wọ́n fi mọ̀ yín nígbà náà) ni, tí mo ṣiṣẹ́ lábẹ́ yín ní láàbù láti oṣù kẹta 2019 sí oṣù kẹjọ 2022; èmi ni mo máa ń jókòó sídìí máíkíróskóòpù ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó pẹ́ tí mo ti kí yín kẹ́yìn, ẹ má bínú sí mi. Mo gbà pé ara yín le, àwọn ọmọ náà sì wà dáadáa.
>
> Mà, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo mú wá. Mo ń wá àyè láti kàwé Másítàsì lórí ìmọ̀ kòkòrò àrùn ní ìlú Ọba. Wọ́n ní kí ọ̀gá kan tó mọ iṣẹ́ mi kọ ìwé ìjẹ́rìí ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ̀yin ni ọkàn mi lọ sọ́dọ̀, torí ẹ̀yin lẹ máa ń yẹ èsì àyẹ̀wò tí mo bá ṣe wò kó tó jáde. Ṣé ẹ rò pé ẹ lè jẹ́rìí sí iṣẹ́ mi dáadáa?
>
> Bí ẹ bá gbà, líǹkì kan máa wọ ímeèlì yín láti yunifásítì náà. Ẹ ó dáhùn ìbéèrè mélòó kan níbẹ̀, ẹ ó sì fi lẹ́tà ojú ewé kan sí i. Mo ti kọ gbogbo déètì, iṣẹ́ tí mo ṣe lábẹ́ yín àti ohun tí wọ́n ń béèrè sí ojú ewé kan, kí ẹ má baà máa wá nǹkan kiri. 30 oṣù kẹfà ni wọ́n máa ti fọ́ọ̀mù; bó bá lè lọ ṣáájú 20, ọkàn mi á balẹ̀. Ímeèlì wo ni kí n fún wọn?
>
> Bí kò bá ní rọrùn lásìkò yìí, Mà, kò burú rárá. Ẹ kàn sọ fún mi kó tó di ọjọ́ 5 oṣù kẹfà, ẹlòmíì wà tí mo lè bẹ̀. Ẹ ṣeun, Mà.

Ìtìjú yín ti yanjú ní ìpínrọ̀ kìíní, ní gbólóhùn kan. Bí ẹ bá tọrọ gáfárà ní gbólóhùn márùn-ún, wọn á ní láti máa rẹ̀ yín lẹ́kún kí wọ́n tó dé orí ohun tí ẹ wá ṣe. Máíkíróskóòpù ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló máa gbé ojú yín wá sọ́kàn wọn, ju orúkọ lọ. Bí ẹ bá sì ti lọ sílé ọkọ láti ìgbà náà, orúkọ ilé bàbá yín ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá fi ti ọkọ kún un, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹnì kan náà ni orúkọ tuntun tó máa wà nínú ímeèlì yunifásítì. Mo ti mọ ọ̀gá tó pa irú ímeèlì bẹ́ẹ̀ rẹ́ torí pé kò mọ ẹni tí wọ́n ń dárúkọ.

Ọ̀rọ̀ “dáadáa” tó wà nínú “jẹ́rìí sí iṣẹ́ mi dáadáa” kì í ṣe àfikún lásán. Ó ń fún wọn láyè láti yẹra bí wọn ò bá ní ohun rere púpọ̀ láti sọ. Lẹ́tà tó tutù, tó kàn ní “ó ṣiṣẹ́ níbí láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí,” burú fún yín ju kí wọ́n kọ̀ lọ, torí ẹni tó bá kọ̀, ẹ lè wá ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Ẹ rí i pé òótọ́ ni pé ẹlòmíì wà. Bí kò bá sí, ẹ yọ gbólóhùn yẹn kúrò kí ẹ sì kọ́kọ́ lọ wá a. Ìbéèrè nípa ímeèlì náà nídìí: ó rọrùn láti dáhùn, ẹni tó bá sì ti fi ímeèlì ránṣẹ́ ti gbà nìyẹn.

Ẹ fi ránṣẹ́ ní ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́. Láàárọ̀ ni àwọn tí kò tíì jẹun ń wá fún ẹ̀jẹ̀, ọwọ́ ọ̀gá láàbù kì í dilẹ̀ kí aago 10 tó lù. Bí ẹ bá fẹ́ lọ kí wọn níbi iṣẹ́, tí Òkè-Fìà kò sì jìnnà sí yín, ó dára, ṣùgbọ́n ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ owó. Èso ti tó. Ẹ̀bùn tó wúwo kí lẹ́tà tó jáde dà bí ìgbà téèyàn ń ra ẹ̀rí, ọ̀gá tó mọ iyì ara rẹ̀ lè bínú sí i.

Bí wọ́n bá ti gbà, ẹ fi ojú ewé kan tí ẹ mẹ́nu bà yẹn ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Òyìnbó ni kí ẹ fi kọ eléyìí, torí òyìnbó ni wọ́n máa fi kọ lẹ́tà náà, kí wọ́n má baà máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ iṣẹ́. PDF ni kó jẹ́, kó ṣeé kà lórí fóònù láìfi ìka fẹ̀ ẹ́, kó má sì wúwo. Ohun tó máa wà níbẹ̀ ni orúkọ yín bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà yín, déètì iṣẹ́ àti orúkọ ipò yín, orúkọ yunifásítì àti ti ẹ̀kọ́ náà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, iṣẹ́ méjì tí a sọ lókè, ìdí tí ẹ fi yan ẹ̀kọ́ yìí ní gbólóhùn méjì, àti ohun tí fọ́ọ̀mù máa béèrè. Fọ́ọ̀mù púpọ̀ ló máa ń béèrè bí ẹni náà ṣe mọ̀ yín, ó ti tó ọdún mélòó, àti ipò tí òun wà. Àwọn mìíràn tún ń ní kó fi yín wé àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn. Ẹ ka ojú ìwé yunifásítì náà kí ẹ tó sọ èyí tó kàn yín. Ẹ fi síífíì yín sí i, ṣùgbọ́n fáìlì méjì ni kó mọ. Ẹni tó bá gba fáìlì mẹ́fà kì í ṣí ìkankan.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ jù ni orí fọ́ọ̀mù. Ẹ má kọ orúkọ àti ímeèlì wọn síbẹ̀ kí wọ́n tó gbà, torí lórí àwọn fọ́ọ̀mù kan, bí ẹ bá ṣe ń tẹ “Save” ni líǹkì ń lọ, ọ̀gá yóò sì rí ẹ̀bẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àjèjì kó tó rí tiyín. Lórí àwọn mìíràn, kì í lọ àfi tí ẹ bá fi gbogbo fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ tán. Nítorí náà, bí ẹ bá ṣì ń kọ ọ́ títí di ọjọ́ 28, ọ̀gá ní ọjọ́ méjì péré. Ẹ wo èyí tí tiyín jẹ́ kí ẹ tó ṣèlérí déètì fún wọn. Ẹ da ímeèlì wọn kọ tààrà láti inú wásáàpù, ẹ má fi ojú wò ó kọ. Bí lẹ́tà kan péré nínú ímeèlì náà bá yí padà, líǹkì ti lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì nìyẹn. Ní ọjọ́ tó bá lọ, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n wò ó, kí wọ́n wo “Spam” pẹ̀lú, kí ẹ sì sọ orúkọ tí ímeèlì náà máa gbé wá.

Yunifásítì ìlú Ọba púpọ̀ ló fẹ́ ímeèlì ibi iṣẹ́, kì í ṣe ti Gmail. Láàbù aládàáni ní Òṣogbo sì wà tí kò ní irú ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìgbaniwọlé yunifásítì náà nísinsìnyí, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọn yóò gba Gmail bí lẹ́tà náà bá wà lórí bébà tó ní orúkọ àti àdírẹ́sì láàbù, tó ní déètì, ìbuwọ́lùwé àti sítáǹpù. Ẹ tọ́jú ìdáhùn wọn. Bí ọ̀gá yín bá ti kúrò ní láàbù yẹn, wọ́n ṣì lè kọ ọ́. Ipò tí wọ́n wà nígbà náà ni wọ́n máa kọ, kí wọ́n sì sọ ibi tí wọ́n wà báyìí. Wọn ò gbọ́dọ̀ lo bébà ibi tí wọ́n ti kúrò.

Ẹ múra sílẹ̀ fún ìdáhùn kan tó wọ́pọ̀ gan-an: “Ṣé ẹ ti kọ ọ́? Ẹ kọ ọ́ wá, màá fọwọ́ sí i.” Wọn ò ní èrò burúkú, ọwọ́ wọn ló dí. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́. Ọwọ́ yín á hàn nínú rẹ̀: bó bá jọ ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ nípa ara yín nínú fọ́ọ̀mù kan náà, ẹni tó ń ka méjèèjì lọ́jọ́ kan náà á mọ̀. Ẹ dáhùn pé, “Mà, wọ́n ní ọwọ́ yín gan-an ni wọ́n fẹ́, ṣùgbọ́n mo ti kọ àwọn kókó rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹ bá kàn sọ wọ́n bí ẹ ṣe rántí wọn, ojú ewé kan á ti kún.” Bí títẹ̀ ló ń ni wọ́n lára, ẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ sórí wásáàpù, kí ọmọ tó ń bá wọn ṣe kọ̀ǹpútà ní láàbù tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì kà á wò kí wọ́n tó buwọ́ lù ú. Ẹ má sì ṣí ímeèlì kankan ní orúkọ wọn láé, kódà bí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé èké ni wọ́n ń pe ìyẹn, yunifásítì sì lè gba àyè yín padà lẹ́yìn tí ẹ ti wọlé.

Ìdáhùn kejì tó le láti mọ̀ ni “Kò burú, a ó rí i.” Nílẹ̀ wa, àgbà kì í fẹ́ sọ “rárá” fún ọmọ tó bẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀, tí wọn ò fún yín ní ímeèlì, tí wọn ò sì béèrè ohunkóhun nípa ẹ̀kọ́ náà, ẹ fún un ní ọjọ́ mẹ́rin. Kí ẹ béèrè ímeèlì náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí kò bá tún sí, ẹ kọjú sí ẹnìkejì tí ẹ ní, ẹ má sì fi sínú.

Fún ìránnilétí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń dámọ̀ràn: ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹfà, àti ọjọ́ 24 bó bá ṣì kù. Ẹ má kàn kọ “Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ má gbàgbé.” Ẹ tún orúkọ tí ímeèlì náà gbé wá sọ, ẹ tún ojú ewé kan yẹn fi ránṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ kan náà, kí wọ́n má baà máa yí fóònù lọ sókè wá a. Aago tiwọn àti tiwa dọ́gba ní oṣù kẹfà. Tó bá jẹ́ oṣù kìíní ni fọ́ọ̀mù kan máa tì, aago wa á fi wákàtí kan ṣáájú tiwọn. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ló máa ń fi hàn yín bí lẹ́tà náà bá ti wọlé. Ẹ máa wò ó níbẹ̀ kí ẹ tó rán wọn létí. Kò sóhun tó ń bí àgbà nínú tó kí a máa rán an létí ohun tó ti ṣe tán.

Ní ọjọ́ tí lẹ́tà náà bá wọlé, ẹ pè wọ́n lórí fóònù, ẹ má kọ̀wé. Nígbà tí èsì bá sì dé, bóyá wọ́n gbà yín tàbí wọn ò gbà yín, ẹ sọ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, torí ìgbà tí ẹ bá tún fẹ́ lẹ́tà kejì fún ìrànwọ́ owó ilé ẹ̀kọ́, ẹ ò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí “ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta” mọ́.